Gífáwéè tẹ́ ẹ bá pátínà ṣe: bí ẹ ó ṣe yan ẹni tó jẹ ẹ́ láìsí màgòmágó

Ẹ ti rí fídíò yẹn rí. Wíìlì aláwọ̀ mèremère ń yí lójú fóònù, orúkọ ń sáré kọjá, ó dúró sórí orúkọ ẹnì kan, gbogbo ilé pariwo, ó parí. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, abẹ́ fídíò ti kún: “àbúrò yín ni”, “ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa fún tẹ́lẹ̀”. Oníṣòwò á bínú, á ní ṣebí ojú yín báyìí ni wíìlì ṣe dúró. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, a ò rí nǹkan kan. Fídíò yẹn ò lè sọ fún wa ìgbà mélòó ni wọ́n ti yí wíìlì kí wọ́n tó gbé eléyìí jáde, kò sì lè sọ bóyá orúkọ gbogbo èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Olóòótọ́ àti oníjìbìtì, fídíò kan náà ni àwọn méjèèjì máa gbé jáde.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yin àti oníṣòwò míì lẹ jọ ṣe é, ọ̀rọ̀ tún gbòòrò sí i, torí ilé méjì làwọn èèyàn máa fura sí, ilé méjì ló ní àbúrò, ilé méjì ló sì lè sọ lẹ́yìn ìgbà tó bá bàjẹ́ pé “èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o”. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kéékèèké mójú tó pèèjì wọn, ohun tí mo sì ń rí ni pé ọjọ́ tí wọ́n mú orúkọ kọ́ ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n jọ sọ ọ́ lórí fóònù pé “ká ṣe gífáwéè jàre” tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú gífáwéè kan, ká tò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, débi pé ẹni tó jókòó sí Ìkòròdú tí ò mọ̀ yín rí, tí ò sì fọkàn tán yín, lè fi kalikulétọ̀ fóònù ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀.

Ká ní oníkéèkì kan wà l'Ógbà, fọtógíráfà kan sì ní sítúdíò n'Íkẹjà. Wọ́n fẹ́ jọ ṣe gífáwéè ọjọ́ ìbí lórí Instagram, ẹnì kan ṣoṣo ló máa jẹ ẹ́, á gba kéèkì, á sì ya fótò. Ó bọ́ sí i fún àwọn méjèèjì, torí ẹni tó ń wá kéèkì ọjọ́ ìbí lè wá fótò ọjọ́ ìbí náà. Títí dé ibí, kò sí wàhálà.

Kí n fi ìtàn kan há a láàárín ká tó tẹ̀ síwájú, torí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ pátínà gan-an. Láti 1987 ni McDonald's ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Monopoly, èèyàn á ra oúnjẹ, á ṣí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ife ẹ̀, ó sì lè bá mílíọ̀nù dọ́là níbẹ̀. McDonald's fúnra wọn kọ́ ló ń darí ẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Simon Marketing ni wọ́n gbé e fún. Olórí ètò ààbò níbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Jerome Jacobson tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun ló máa ń gbé àwọn ìwé tó ní owó ńlá nínú lọ síbi tí wọ́n ti máa lẹ̀ wọ́n, wọ́n á fi èdìdì dí àpò ìwé náà, wọ́n á tún ní kí ọ́dítọ̀ obìnrin kan máa tẹ̀lé e kiri. Bàbá yìí á wá yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin ní pápákọ̀ òfurufú, ibi tí obìnrin yẹn ò lè bá a wọ̀, á tú àpò, á kó ojúlówó sápò ara ẹ̀, á fi òmíràn síbẹ̀, á fi èdìdì tuntun dí i pa. Ọdún gbọọrọ ló fi ṣe é kí FBI tó kó wọn ní 2001, ẹ̀bùn tó bá a lọ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún dọ́là, àwọn èèyàn tó ń tà á fún àtàwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n dá fún un lẹ́wọ̀n.

Ẹ wo nǹkan méjì nínú ẹ̀. Pátínà ló jalè, àmọ́ orúkọ McDonald's ló wà nínú ìwé ìròyìn. Èkejì sì ni pé kì í ṣe pé wọn ò ní ètò ààbò, wọ́n ní i, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré wà tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò rí i, ibẹ̀ gan-an ló gbà wọlé. Nínú gífáwéè tiyín náà, ibi tẹ́ ẹ máa wá kiri nìyẹn: ibo ni ó ti máa wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníkéèkì àti fọtógíráfà wa. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé láàárín àwọn méjèèjì, kò pọn dandan kó jẹ́ ti lọ́yà, mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp kan tó gùn dáadáa tí ẹnì kejì sì fèsì sí pé “mo gbà” ti tó fún irú gífáwéè yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ẹ̀bùn, ẹ kọ ọ́ bíi pé ẹ ń kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ bá yín jà. Tí pósìtì yín bá sọ pé “kéèkì àti fọtoṣúùtù ọ̀fẹ́”, ẹni tó jẹ ẹ́ á ti máa ronú kéèkì alájà mẹ́ta àti aṣọ mẹ́ta, oníkéèkì ń ronú ínǹṣì mẹ́jọ, fọtógíráfà ń ronú fótò márùn-ún, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà lójú ara wọn. Torí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: kéèkì alájà méjì, ínǹṣì mẹ́wàá nísàlẹ̀, ínǹṣì mẹ́fà lókè, bọ́tàkírímù la máa fi bò ó, kò sí fọ́ńdáǹtì, fótò wákàtí kan nínú sítúdíò, aṣọ méjì, fótò mẹ́wàá tí a ti tún ṣe, tí a máa fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, mékọ́ọ̀bù ò sí nínú ẹ̀, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ nìkan, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti fi lò ó. Ó gùn lóòótọ́. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kó gùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó dẹlifárì. Mi ò mọ ìdí tó fi máa ń rí báyìí àmọ́ gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé owó dẹlifárì, kéèkì ò sì ṣeé gbé lé ọ̀kadà, ó máa gba mọ́tò. Ta ló máa san án? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ tún kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan nínú yín ò bá lè ṣe tiẹ̀, torí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: fọtógíráfà lè rìnrìn-àjò, kámẹ́rà lè bàjẹ́, ààrò oníkéèkì lè bàjẹ́, tàbí kí pátínà kàn má gbé fóònù mọ́ nígbà tó ti rí fọ́lówà tó ń wá. Lójú ẹni tó jẹ ẹ̀bùn, kò sí pé “apá tèmi ni mo ti ṣe”, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣèlérí. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí oníkálùkù fi owó tó tó ẹ̀bùn tiẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kẹta kí pósìtì tó jáde, tàbí kí fọtógíráfà kọ ìwé ẹ̀rí pé òun jẹ gbèsè fótò yìí, kó fọwọ́ sí i, kó gbé e fún oníkéèkì, kí oníkéèkì náà ṣe bákan náà fún un. Tí ẹnì kan bá sá, èkejì á fi owó yẹn wá ẹlòmíì tó máa ṣe é. Pátínà tó bá ń ní “ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni” nígbà tẹ́ ẹ bá dárúkọ èyí, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ báyìí.

Ẹ wá kọ àwọn tí ò lè kópa. Òṣìṣẹ́ ilé méjèèjì, ìyẹn ò nira. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ “mọ̀lẹ́bí” lásán, ẹ ti kó ara yín sí wàhálà, ní ilẹ̀ Yorùbá ta ni kì í ṣe mọ̀lẹ́bí? Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá fọtógíráfà náà mọ̀lẹ́bí ni. Ẹ dárúkọ wọn: ọkọ tàbí ìyàwó, òbí, ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ìyá tàbí bàbá kan náà, àti ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú ilé kan. Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ọ̀rẹ́ lè kópa, ẹ ò lè yọ gbogbo ọ̀rẹ́ kúrò kí ọjà yín má dín kù, àmọ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ṣe é bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, kò ní í sí ẹni tó máa rí ẹnu sọ ọ́. Kí ẹni tó máa kópa sì ti pé ọdún méjìdínlógún, kó sì máa gbé l'Ékòó, torí kéèkì yẹn ò ní í dé Àkúrẹ́ kó má ti wó.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣèèṣì sọ gífáwéè di tẹ́tẹ́. “Ẹ ra kéèkì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kẹ́ ẹ lè wọ inú dúrọ́ọ̀.” Lójú òfin, nǹkan mẹ́ta ló ń sọ nǹkan di lọ́tìrì: èèyàn sanwó kó tó wọlé, oríire ló ń pinnu ẹni tó jẹ ẹ́, ẹ̀bùn sì wà níbẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ìwé àṣẹ lẹ nílò. Ní November 22, 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pè, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ò lágbára láti ṣòfin lọ́tìrì fún àwọn ìpínlẹ̀, òfin lọ́tìrì ti 2005 ò ní agbára níbẹ̀ mọ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ náà. L'Ékòó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ LSLGA ló ń mójú tó o, ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí owó wọ̀ ọ́. Ohun tó rọrùn jù fún oníṣòwò kékeré ni kẹ́ ẹ yọ owó kúrò níbẹ̀ pátápátá. Kò sí rírà, kò sí owó fọ́ọ̀mù, kò sí “ẹ fi ọgọ́rùn-ún náírà káàdì ránṣẹ́”. Tẹ́ ẹ bá sì sọ nínú pósìtì pé ẹ̀bùn wà tí kò sí, tàbí pé iye ẹ̀ tó báyìí tí kò sì tó bẹ́ẹ̀, FCCPC tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà lè dá sí i, torí ìpolówó ẹ̀tàn nìyẹn. Oníkéèkì tó ń ta kéèkì yẹn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta kó má pè é ní ọgọ́rùn-ún àti àádọ́ta torí pé ó fẹ́ kó dùn ún gbọ́.

Instagram náà ní ìlànà tiẹ̀, kò sì gùn: kẹ́ ẹ kọ ọ́ kedere pé Instagram kọ́ ló ṣe onígbọ̀wọ́ gífáwéè yìí, kò sì lọ́wọ́ sí i, kẹ́ ẹ má sì sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n táàgì ara wọn sínú fótò tí wọn ò sí nínú ẹ̀. Lórí Facebook ó tún le sí i, wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ ní kí èèyàn pín in sójú ewé ara ẹ̀ tàbí kó táàgì ọ̀rẹ́ kó tó lè kópa. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Àmọ́ ẹ wò ó, “táàgì èèyàn mẹ́ta” yìí gan-an ló máa ń ba àkọsílẹ̀ orúkọ jẹ́, ẹnì kan á kọ kọ́mẹ́ǹtì ogójì, òmíì á pa tiẹ̀ rẹ́, òmíì á fi ákáǹtì mẹ́ta wọlé, ẹ ò sì ní í mọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ohun tí mo máa ń lò ni Google Form. Ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń kọ ọjọ́ àti àkókò tí oníkálùkù wọlé sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta péré: orúkọ Instagram wọn, nọ́ńbà fóònù, àti àdúgbò. Nọ́ńbà fóònù lẹ máa fi mọ ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ kọ ọ́ sí orí fọ́ọ̀mù pé gífáwéè yìí nìkan lẹ máa fi nọ́ńbà yẹn ṣe àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pa á rẹ́, torí òfin ààbò dátà ti 2023 ò gbà kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà èèyàn fún kéèkì kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sínú gúrúùpù ìpolówó láìbéèrè, fọtógíráfà náà ò sì gbọ́dọ̀ dà á kọ lọ sílé láti máa fi pe èèyàn.

Ká ní ọjọ́ pé, ẹ ti fọ́ọ̀mù, ẹ yọ àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì àtàwọn tí ò gbé l'Ékòó, ó ku èèyàn 412. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wọlé, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 dé 412, kẹ́ ẹ sì gbé àkọsílẹ̀ náà síta kí gbogbo ayé rí i, nọ́ńbà àti orúkọ Instagram nìkan. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí: ẹ má kàn fi fóònù àwọn èèyàn pamọ́ nínú ṣíìtì náà kẹ́ ẹ wá pín línkì ẹ̀, ẹni tó bá da ṣíìtì yẹn kọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ lè ṣí apá tẹ́ ẹ fi pamọ́ náà. Ṣíìtì tuntun ni kẹ́ ẹ ṣí, kẹ́ ẹ gbé apá méjì yẹn nìkan lọ síbẹ̀. Ẹ fún wọn ní odidi ọjọ́ kan láti wo nọ́ńbà wọn, kí ẹni tí ò rí ara ẹ̀ pariwo síta kẹ́ ẹ tó mú orúkọ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà mọ́, ẹ̀yin méjèèjì ẹ ya àwòrán ẹ̀ pa mọ́.

Wàyí o, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣẹ́ gègé. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni nọ́ńbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò lè yí padà, tí gbogbo ayé sì máa rí. Mo fẹ́ràn All-Share Index ti NGX, ìyẹn ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, iye tí wọ́n fi ń sọ bí ọjà náà ṣe rí nígbà tó bá pa lójoojúmọ́, ó máa ń ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, ó sì ń jáde lórí wẹ́ẹ̀bù NGX. Oníkéèkì l'Ógbà ò lè ti ọjà yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀ torí àbúrò ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú pósìtì àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé: “Ní Ọjọ́bọ̀ báyìí, a máa mú iye tí All-Share Index fi pa lórí wẹ́ẹ̀bù NGX, a máa yọ kọ́mà àti àmì inú ẹ̀, a máa fi iye àwọn tó kópa pín in, ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà ẹni tó jẹ ẹ́. Tí kò bá ṣẹ́ nǹkan kan kù, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló jẹ ẹ́. Tí ọjà ò bá ṣí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tó bá ṣí tẹ̀lé e ni.” Ẹ má fo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn o, tí ìjọba bá kéde ọlidé lójijì, ẹ ò ní fẹ́ jókòó máa yan ọjọ́ tó bá wù yín.

Ká ní ó pa sí 143,218.57. Ó di 14321857. Ẹ ṣí kalikulétọ̀ fóònù, ẹ fi 412 pín in, ẹ máa rí 34761 pẹ̀lú nǹkan lẹ́yìn àmì. Ẹ gbàgbé èyí tó wà lẹ́yìn àmì, ẹ fi 412 sọ 34761 di púpọ̀, ó máa fún yín ní 14321532. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 14321857, ó ku 325. Nọ́ńbà 325 ló jẹ kéèkì. Ẹni tó bá mọ ṣíìtì lò lè kọ eléyìí, á sì rí 325 kan náà:

```
=MOD(14321857,412)
```

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú nìyẹn, torí pé ẹni tó ń bínú ní Ìkòròdú, ẹ ò ní láti bá a jà, ẹ kàn máa ní kó lọ wo NGX kó sì pín in. Fídíò ò sí níbẹ̀, wíìlì ò sí níbẹ̀, ẹ ò sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ má tẹ́, torí iye kan ṣoṣo ló wà fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ mú àwọn adípò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá fèsì, torí ìgbà yẹn gan-an ni màgòmágó máa ń wọlé: “ó ní òun ò fẹ́ mọ́”, lẹ́yìn náà àbúrò ẹnì kan ló tẹ̀lé e. Ẹ yọ nọ́ńbà 325 kúrò, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sún sókè kan, ó ku 411. Ẹ fi 411 pín nọ́ńbà kan náà, ó ṣẹ́ 151 kù, adípò kìíní nìyẹn. Ẹ yọ òun náà, ó ku 410, ó ṣẹ́ 147 kù, adípò kejì. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sọ pé wákàtí méjìdínláàádọ́ta lẹni kọ̀ọ̀kan ní láti fèsì kó tó kan ẹnì kejì.

Tí ìṣirò yìí bá pọ̀ jù fún ọjà yín, ẹ lè lo random.org, àwọn tó ṣe é ní Dublin ń lo ariwo inú afẹ́fẹ́ láti mú nọ́ńbà jáde, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó máa jáde. Àmọ́ àṣìṣe wíìlì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa wù yín. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ ṣe é ní láìfù níṣojú gbogbo èèyàn, kí ẹni tí kì í ṣe ara ilé méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì ti sọ ṣáájú pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere nìkan ni fún yín, ìlànà ìpolówó CAP tí àjọ ASA ń mójú tó níbẹ̀ ní kó jẹ́ kọ́ńpútà tí èèyàn lè yẹ̀ wò ló mú ẹni tó jẹ ẹ́, tàbí kí ẹni tí ò lọ́wọ́ sí ọjà náà mú un tàbí kó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń mú un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bùn sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ti ìdíje ńkọ́, irú “ẹni tí fótò ẹ̀ bá ní láìkì jù ló jẹ ẹ́”? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Láìkì ṣeé rà, àwọn èèyàn ń rà á lójoojúmọ́, ẹni tó máa jẹ ẹ́ ni ẹni tó lówó láti rà á tàbí tó wà nínú gúrúùpù WhatsApp tó pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ọgbọ́n ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ẹ yan èèyàn mẹ́ta tó máa dá máàkì, ẹ kọ ohun tí wọ́n ń wò àti iye máàkì tó wà lórí ẹ̀ ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rí orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ tí wọ́n ń wò.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè ni àwọn jàgùdà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé pósìtì jáde ni ẹnì kan máa ṣí pèèjì tó jọ tiyín, fótò kan náà, orúkọ kan náà àfi ilà kékeré kan nísàlẹ̀ tàbí létà kan tó lé, á lọ máa tẹ̀lé gbogbo ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì, á ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì wọn: “Ẹ kú oríire, ẹ ti jẹ ẹ́, ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dẹlifárì ránṣẹ́.” Èèyàn á sanwó, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá jà. Kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan síta, ẹ kọ ọ́ sókè pósìtì yín, kí ẹni kejì náà kọ ọ́ sí tiẹ̀: ẹni tó bá jẹ ẹ́ ò ní san kọ́bọ̀ kankan, pèèjì oníkéèkì nìkan ló máa ránṣẹ́, nọ́ńbà tó jẹ ẹ́ sì máa wà ní gbangba lórí pèèjì méjèèjì ká tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé ṣíṣe é bí mo ṣe ṣàlàyé yìí tún ń dá jàgùdà lẹ́kun, torí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní ó jẹ ẹ́ lè wo nọ́ńbà ara ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, bí kì í bá ṣe 325, irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá rí pèèjì ayédèrú náà, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sun Instagram, kẹ́ ẹ sì gbé orúkọ ẹ̀ síta kí àwọn èèyàn lè dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ tí 325 bá wá gba kéèkì, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ gbé fótò òun síta. Àwọn kan ò fẹ́, kò sì yẹ kó jẹ́ dandan kí wọ́n tó gba ohun tí wọ́n jẹ, orúkọ Instagram ẹ̀ tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ti tó. Kí fọtógíráfà bá a mú ọjọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, kó má jẹ́ kó di “ẹ máa pè wá”. Ẹ fi àkọsílẹ̀ 412 yẹn àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì àdéhùn yín pa mọ́ títí oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ fún un fi máa pé tó sì máa ti ya fótò ẹ̀ tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn rẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù, lórí fóònù oníkéèkì àti lórí ti fọtógíráfà náà.